Òfin Òwò tí Ó Mọ Àná Jù: Bí Ìdánwò Arìnsíwájú Ṣe Ń Tú Àṣírí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ fún ìjíròrò lónìí jẹ mọ́ òfin òwò. Kì í ṣe òfin ìjọba ni mo ń pè bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí ẹni tí ń ra ìpín ilé-iṣẹ́, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ṣíà, fi lélẹ̀ fún ara rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn: bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, n ó rà, bí ọ̀hún bá ṣẹlẹ̀, n ó jókòó lé owó mi. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹnìkan mú irú òfin bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ kan ní Ìgándò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ó tẹ́ ìwé sílẹ̀ tí ó kún fún iye ọjà ọdún méjìlá, ó sì fi hàn pé bí ẹgbẹ́ bá ti tẹ̀lé òfin òun láti ìgbà náà wá, ₦100,000 ìbá ti di ₦344,000. Àwọn olùkọ́ ìṣirò tí ó wà níbẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n sì rí i pé ó pé láìkù kọ́bọ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí wọ́n kó owó ẹgbẹ́ fún un?

Ìbéèrè yìí le, nítorí pé ọkùnrin náà kò purọ́. Iye tí ó kọ sílẹ̀ jẹ́ iye tòótọ́. Síbẹ̀, òfin rẹ̀ lè jẹ́ asán pátápátá. Iṣẹ́ mi lónìí ni láti ṣàlàyé bí ìṣirò tí ó pé ṣe lè gbé òfin asán ró, àti ọ̀nà kan tí a lè gbà mọ ìyàtọ̀.

Kí ni àbámujù?

Mo dábàá kí á máa pe àìsàn yìí ní àbámujù, nítorí pé òfin náà bá àná mu jù, kò sì ṣẹ́ ohunkóhun kù fún ọ̀la. Gbogbo olùkọ́ ni ó ti rí irú rẹ̀ nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kó ìwé ìbéèrè Wáẹ̀kì ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn jọ. Kò ka ìwé ìṣirò rárá. Ó kàn há a sórí pé ìdáhùn ìbéèrè kìíní ni B, ti ìkejì ni D, ti ìkẹta ni A. Bí ẹ bá fi ìwé ìbéèrè kan náà dán an wò, kò ní í pàdánù máàkì kan. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè tuntun bá dé ní ọdún tí ń bọ̀, yóò dàbí ẹni tí kò wọ ilé-ìwé rí. Ohun tí ó mọ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́, ìtò àwọn ìdáhùn lásán ni.

Ó rọrùn ju bí a ti rò lọ kí òfin òwò di irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọjà tí ó lè gòkè tàbí kí ó wálẹ̀ ní ọdọọdún. Ní ọdún mẹ́wàá, ọ̀nà 1,024 ni ìgòkè àti ìwálẹ̀ lè gbà tò tẹ̀ léra. Bí 1,024 ènìyàn bá pé jọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, tí olúkúlùkù kọ ìtò tirẹ̀ sílẹ̀ láìsí méjì tí ó jọra, ó di dandan kí ẹnìkan gba gbogbo ọdún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni náà kò gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ìwé rẹ̀ ni ó kàn bọ́ sí ibi tí ọjà gbà. Bí a bá wá ju ìwé àwọn 1,023 yòókù nù, tí a sì gbé ẹnìkan yìí jáde gẹ́gẹ́ bí aríran, a ti tan ara wa jẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí ó jókòó dán ọgọ́rọ̀ọ̀rún òfin wò lórí iye àtẹ̀yìnwá kan náà, tí ó sì mú kìkì èyí tí ó pa owó jù lọ wá fún wa.

Àwọn tí ń ta lọ́tò ní Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nọ́ḿbà márùn-ún ni a máa ń fà nínú 90, àwọn tí ń ta á a sì máa tẹjú mọ́ ìwé èsì àtijọ́ láti wá báńkà tàbí tú-ṣúà tí yóò jáde. Bí wọ́n bá wá a pẹ́ tó, wọn kò ní í ṣàìrí nǹkan, nítorí pé níbi tí nọ́ḿbà bá pọ̀ sí, àpẹẹrẹ kì í wọ́n. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù lọ́tò kò rántí èyí tí ó jáde lánàá. Ọjà ìpín yàtọ̀ sí lọ́tò ní ti pé àwọn ohun tí ń ti ọjà síwá sẹ́yìn wà: èrè ilé-iṣẹ́, èlé orí owó, ìgboyà àti ìbẹ̀rù àwọn tí ń rà. Nítorí náà, òfin òwò lè ní òtítọ́ nínú. Ìdánwò ni yóò fi hàn bóyá ó ní in.

Ọjà ìpín wa láti 2005 títí di 2021

Ní 1960 ni a dá ọjà ìpín sílẹ̀ ní Èkó, a bẹ̀rẹ̀ òwò níbẹ̀ ní 1961, a sì sọ ọ́ di ti gbogbo Nàìjíríà ní 1977. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1984 ni òǹkà kan ti wà tí ń sọ bí gbogbo ìpín inú ọjà náà ti rìn lápapọ̀. Ní 100 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo pè é ní atọ́ka ọjà. Èyí ni ibi tí atọ́ka náà wà ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan. Nọ́ḿbà ìkẹyìn ni iye tí ó fi gòkè tàbí tí ó fi wálẹ̀ nínú 100:

2005: 24,086 (ó gòkè, 1)
2006: 33,189 (ó gòkè, 38)
2007: 57,990 (ó gòkè, 75)
2008: 31,451 (ó wálẹ̀, 46)
2009: 20,827 (ó wálẹ̀, 34)
2010: 24,771 (ó gòkè, 19)
2011: 20,731 (ó wálẹ̀, 16)
2012: 28,079 (ó gòkè, 35)
2013: 41,329 (ó gòkè, 47)
2014: 34,657 (ó wálẹ̀, 16)
2015: 28,642 (ó wálẹ̀, 17)
2016: 26,875 (ó wálẹ̀, 6)
2017: 38,243 (ó gòkè, 42)
2018: 31,431 (ó wálẹ̀, 18)
2019: 26,842 (ó wálẹ̀, 15)
2020: 40,271 (ó gòkè, 50)
2021: 42,716 (ó gòkè, 6)

Kí á tó lọ síwájú, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 2008. Láti ìparí 1999 títí dé ìparí 2007, atọ́ka yìí kúrò ní 5,266, ó dé 57,990, kò sì sí ọdún kan nínú mẹ́jọ náà tí ó parí sí ìsàlẹ̀ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Òfin tí àwọn ènìyàn fà yọ nínú ọdún mẹ́jọ yẹn kò ju gbólóhùn kan lọ: rà á, kò ní í wálẹ̀. Àwọn báńkì yá ènìyàn lówó kí wọ́n fi ra ìpín. Ní oṣù kẹta 2008, atọ́ka náà ré kọjá 66,000. Nígbà tí ọdún 2009 fi parí, kò ju 20,827 lọ. Gbèsè tí ó kù sílẹ̀ pọ̀ débi pé ní 2010 ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ámúkọ́ọ̀nù, kí ó ra gbèsè tí ó ti bàjẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn báńkì. Òfin tí kò tíì fojú kan ọdún ìwálẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ìwálẹ̀ bá dé.

Bí a ṣe ń mú òfin bá àná mu

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa ṣe òfin tí ọkùnrin ìpàdé yẹn mú wá. A ó ṣe bí ẹni pé ènìyàn lè ra gbogbo ọjà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí ọdún, kí ó sì tà á ní ìparí ọdún tí ó tẹ̀ lé e. A kò ní í ka owó alágbàtà, ìpín èrè tí ilé-iṣẹ́ ń san, tàbí èlé tí owó tí ó jókòó lè gbà ní báńkì, kí ìṣirò lè rọrùn.

Òfin méjì péré ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Èkínní ni Òfin Atẹ̀lé: bí ọjà bá gòkè ní ọdún tí ó kọjá, rà á fún ọdún tí ń bọ̀, bí ó bá wálẹ̀, jókòó lé owó rẹ. Èkejì ni Òfin Alòdì: bí ọjà bá wálẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá, rà á, bí ó bá gòkè, jókòó.

Ẹ mú ₦100,000 ní ìparí 2009, kí ẹ sì fi Òfin Alòdì wọ inú ìwé iye tí ó wà lókè yìí. Òfin náà yóò rà fún 2010, 2012, 2015, 2016, 2017, 2019 àti 2020, yóò sì jókòó ní àwọn ọdún yòókù. Ní ìparí 2021, owó náà yóò di nǹkan bí ₦228,000. Ẹni tí ó kàn ra ọjà ní ìparí 2009 tí ó sì fi í sílẹ̀ láìfọwọ́kàn yóò ní ₦205,000. Òfin Alòdì ti borí, ó sì dàbí ẹni pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: ẹ rà nígbà tí ojo ń sá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá òfin kì í tètè tẹ́ lọ́rùn. Ó wo ọdún tí òfin rẹ̀ ti pàdánù: 2015, 2016 àti 2019. Ó ṣàkíyèsí pé ìwálẹ̀ tí ó ṣáájú 2016 jẹ́ 17 nínú 100, èyí tí ó sì ṣáájú 2019 jẹ́ 18. Ó wá fi gbólóhùn kan kún òfin: bí ìwálẹ̀ ọdún tí ó kọjá bá jẹ́ 17 tàbí 18 nínú 100, má rà. Lẹ́sẹ̀kan náà, ₦228,000 di ₦284,000. Ó ku ọdún 2015 nìkan. Ó tún fi gbólóhùn mìíràn kún un: má rà ní ọdún tí nọ́ḿbà rẹ̀ bá parí sí 5. Owó náà di ₦344,000, òfin náà kò sì pàdánù ní ọdún kankan mọ́.

Ẹ rí i bí ₦344,000 ṣe délẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn pa wá lẹ́rìn-ín, nítorí pé gbogbo wa mọ̀ pé ọjà kò bìkítà nípa nọ́ḿbà tí ó parí orúkọ ọdún. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó ṣáájú rẹ̀, ti 17 àti 18, kò sàn jù ú lọ. Aṣọ ìṣirò tí ó wọ̀ ni ó jẹ́ kí ó dàbí àgbà. Kí ni ó dé tí ìwálẹ̀ 17 yóò fi burú tí ìwálẹ̀ 16 àti 34 yóò sì fi dára? Kò sí ìdí kankan ju pé bẹ́ẹ̀ ni ó bọ́ sí ní ọdún méjì. Èyí ni àmì àkọ́kọ́ tí a fi ń mọ àbámujù: gbólóhùn tí a fi kún òfin kò ní ìdí ju ìpàdánù tí ó fẹ́ bò mọ́lẹ̀ lọ.

Kí ni ìdánwò arìnsíwájú?

Kì í ṣe gbogbo òfin ni a lè fi ẹ̀rín mọ àṣìṣe inú rẹ̀. Òfin Alòdì fúnra rẹ̀, láìsí àfikún, bọ́gbọ́n mu létí. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ₦228,000 rẹ̀ jẹ́ èrè ọgbọ́n tàbí èrè ìmọ̀-lẹ́yìn-ọ̀rọ̀? Ọ̀nà kan wà tí àwọn oníṣirò òwò ń lò. Ìwé tí Rọ́bátì Páádò ará Amẹ́ríkà kọ ní 1992 wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di mímọ̀. Mo pè é ní ìdánwò arìnsíwájú.

Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò le. Dípò kí á kó gbogbo ọdún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí á sì yan òfin tí ó dára jù nínú wọn, a ó padà sẹ́yìn, a ó sì máa rìn bọ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí a bá dúró sí, ọdún mẹ́rin tí ó ti kọjá nìkan ni a lè wò. Ìwọ̀nyí ni ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́. Òfin tí ó pa owó jù nínú wọn ni a ó yàn, a ó sì lò ó fún ọdún méjì tí ó tẹ̀ lé e, láìyí i padà. Ìwọ̀nyí ni ọdún ìdánwò. Lẹ́yìn náà a ó gbé ẹsẹ̀ síwájú ní ọdún méjì, a ó tún kẹ́kọ̀ọ́, a ó tún ṣe ìdánwò. Owó tí a bá pa ní ọdún ìdánwò nìkan ni a ó kà. Ó dàbí kí á gba ìwé ìbéèrè 2010 lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa títí yóò fi jókòó ṣe ìdánwò 2010.

Ẹ jẹ́ kí á rìn ín. ₦100,000 wà lọ́wọ́ wa ní ìparí 2009.

Ìgbésẹ̀ kìíní. A wo 2006 sí 2009. Nínú ọdún mẹ́rin náà, Òfin Atẹ̀lé ìbá ti sọ 100 di 131. Òfin Alòdì ìbá ti sọ ọ́ di 66. A yan Atẹ̀lé, bí ẹnikẹ́ni ìbá ti yàn án ní ọjọ́ yẹn. Ní 2010 ó ní kí á jókòó, nítorí pé 2009 wálẹ̀; ọjà gòkè láìsí wa nínú rẹ̀. Ní 2011 ó ní kí á rà, ọjà wálẹ̀. Owó wa di ₦84,000.

Ìgbésẹ̀ kejì. A wo 2008 sí 2011. Atẹ̀lé sọ 100 di 45, Alòdì sọ ọ́ di 79. Àwọn méjèèjì ni ó pàdánù, ṣùgbọ́n ti Alòdì kéré, a sì yàn án. Ó rà ní 2012, ó jókòó ní 2013. Owó wa di ₦113,000.

Ìgbésẹ̀ kẹta. Láti 2010 sí 2013, Alòdì sọ 100 di 161, Atẹ̀lé sọ ọ́ di 123. A dúró ti Alòdì. Ó yọ wá nínú ìwálẹ̀ 2014, ó sì kó wa sínú ti 2015. Owó wa di ₦94,000.

Ìgbésẹ̀ kẹrin. Láti 2012 sí 2015, Atẹ̀lé ni ó wá ṣíwájú, 123 sí 112. A padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó ní 2016, ó tún jókòó ní 2017, ọdún tí ọjà fi ìdá 42 gòkè. Owó wa kò kúrò ní ₦94,000.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún. Láti 2014 sí 2017, Alòdì ni ó borí, 110 sí 84. Ó jókòó ní 2018, ó sì rà ní 2019. Owó wa di ₦80,000.

Ìgbésẹ̀ kẹfà. Láti 2016 sí 2019, Alòdì tún borí, 114 sí 82. Ó rà ní 2020, ọjà sì gòkè. Ó jókòó ní 2021. Owó wa di ₦120,000.

Ohun tí àlàfo náà ń sọ

Ẹ fi èsì mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tí ó yan Òfin Alòdì lẹ́yìn tí ó ti rí gbogbo ọdún ní ₦228,000 lórí ìwé. Ẹni tí ó rà tí ó sì fi í sílẹ̀ ní ₦205,000. Ẹni tí ó rìn síwájú pẹ̀lú kìkì ohun tí ó lè mọ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ₦120,000. Ọjà kan náà ni, ọdún kan náà ni, òfin méjì kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹni àkọ́kọ́ mọ̀ ní 2009 ohun tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ títí di 2021, èyí ni pé Alòdì ni yóò borí.

Èrè ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ₦128,000. Èrè ẹni tí ó rìn síwájú jẹ́ ₦20,000, kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀. Àlàfo yìí ni a ń wá. Bí òfin kan bá ní òtítọ́ nínú, ohun tí ó borí ní ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ yóò sábà borí ní ọdún ìdánwò pẹ̀lú, èsì méjèèjì yóò sì sún mọ́ ara wọn. Bí èsì ìdánwò bá ṣubú sí ìdá kékeré nínú èsì ìkẹ́kọ̀ọ́, a jẹ́ pé èrè tí a rí lórí ìwé ti inú yíyàn wá. Àmì mìíràn tún wà nínú ìrìn wa: láàárín ìgbésẹ̀ mẹ́fà, a ti Atẹ̀lé bọ́ sí Alòdì, a ti Alòdì padà sí Atẹ̀lé, a sì tún yí sí Alòdì. Òfin tí ọdún mẹ́rin ń yìn tí ọdún méjì ń bú kì í ṣe òfin ọjà.

Gbólóhùn 17 àti 18 ńkọ́? Kò tilẹ̀ lè wọ inú ìdánwò arìnsíwájú. Kò sí ẹni tí ó lè ronú kàn án kí ìpàdánù 2016 àti ti 2019 tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a sì fi ní in lọ́wọ́, kò sí ọdún kan láti 2020 títí dé 2024 tí ó tẹ̀ lé irú ìwálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àfikún náà kò tíì dá kọ́bọ̀ kan sí ní ọdún kankan yàtọ̀ sí àwọn ọdún tí a ti ara wọn ṣe é.

Ibi tí agbára ìdánwò náà mọ

Kò yẹ kí á sọ ìdánwò yìí di òrìṣà. Lọ́nà kìíní, a lè fi àbámujù ba òun náà jẹ́. Èmi ni mo yan ọdún mẹ́rin fún ìkẹ́kọ̀ọ́ àti méjì fún ìdánwò. Bí a bá lo ọdún mẹ́ta àti ọdún kan, ₦106,000 ni a ó ní ní ìparí 2021 dípò ₦120,000. Àwọn méjèèjì sọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dán àádọ́ta ìpín ọdún wò, tí mo sì gbé kìkì èyí tí ó dára jù wá síwájú yín, ìdánwò ti di ìkẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, mo sì ti padà sí ìdí ìwé àwọn 1,024 ènìyàn. Nítorí náà, kí á fi iye ọdún lélẹ̀ kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, kí á má sì yí i padà nígbà tí èsì kò bá dùn mọ́ wa.

Lọ́nà kejì, ìgbésẹ̀ mẹ́fà kéré. Ó tó láti fi hàn pé ẹ̀rí Òfin Alòdì kò múná. Kò tó láti fi ìdí òfin kankan múlẹ̀. Àwọn tí ń fi èyí ṣe iṣẹ́ a máa lo iye ojoojúmọ́, kí ìdánwò wọn lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbésẹ̀, wọn a sì yọ owó alágbàtà kúrò ní gbogbo ìgbà tí òfin bá rà tàbí tí ó bá tà. Òfin tí ń rà tí ń tà lemọ́lemọ́ lè borí lórí ìwé kí owó alágbàtà sì jẹ gbogbo èrè rẹ̀ tán.

Lọ́nà kẹta, ìdánwò yìí kò lè rí ohun tí kò sí nínú iye àtẹ̀yìnwá. Ní oṣù kẹwàá 2019, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ abẹ́lé tí kì í ṣe báńkì má ṣe ra irú ìwé owó yíyá kan tí ó ń san èlé gidi fún wọn mọ́. Owó púpọ̀ ń wá ibi tí yóò wọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wọ ọjà ìpín ní 2020. Kò sí nọ́ḿbà kan láàárín 2016 àti 2018 tí ó sọ pé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀. Ẹni tí ń rìn síwájú yóò máa tẹ̀ lé ọjà ní ẹ̀yìn nígbà gbogbo. Ohun tí ìdánwò náà ń ṣe fún un ni pé kò jẹ́ kí ó ro ara rẹ̀ sí ẹni tí ó wà níwájú.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ìgbésẹ̀ kan sí i, kí ẹ lè rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Òfin Alòdì lẹ́yìn tí ìwé iye wa parí. Ní ìparí 2021, ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí ó ṣáájú tún yìn ín, 128 sí 87. Ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ yóò jókòó ní 2022, nítorí pé 2021 gòkè. Yóò jókòó ní 2023, nítorí pé 2022 gòkè. Bí ó bá sì dúró ti òfin náà, yóò tún jókòó ní 2024. Atọ́ka ọjà kúrò ní 42,716 ní ìparí 2021, ó dé 51,251 ní 2022, 74,774 ní 2023, àti 102,926 ní ìparí 2024. Ìgòkè tí ó ju ìlọ́po méjì lọ kọjá lójú ẹni tí ó di òfin rẹ̀ mú, kò sì rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Òfin tí ó borí nínú ìwé kò rí nǹkan kan pa lójú ayé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ́ ìwé èrè àtẹ̀yìnwá síwájú ẹgbẹ́ yín, ẹ má ṣe jiyàn lórí ìṣirò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó pé. Ẹ bi í ní ohun mẹ́ta. Òfin mélòó ni ó dán wò kí ó tó mú èyí wá? Ìdí wo ni ó wà lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó bá àwọn ọdún kan mu? Ọjọ́ wo ni a kọ òfin náà sílẹ̀, èló ni ó sì ti pa láti ọjọ́ yẹn? Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta bá jẹ́ pé àná ni a kọ ọ́, a jẹ́ pé kò tíì jókòó ṣe ìdánwò kankan. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣe é, pẹ̀lú owó tirẹ̀.